Ègbè Tí Wọ́n Ní Kó Dákẹ́

Ìdùnnú Akínladé fẹ́ kí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa bàbá náà yọ nínú kòtò wúrà tó ya lulẹ̀ ní Itagunmodi, "A dúpẹ́" nìkan là ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ni ọmọ bá fi ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà kọrin. Ọ̀la ni wọ́n máa kọ ọ́ níbi ìdúpẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, orin ọ̀hún sì tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ó gbé e lọ bá Láńrewájú, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ l'Óṣogbo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó."

Láńrewájú kọ orin náà sára pátákó, ìlà kan lábẹ́ èkejì. "Níbi tí àyà bá ti ń já wa, fa àmì ọfà sókè. Níbi tí a bá ti mí kanlẹ̀, fà á sísàlẹ̀."

Òwúrọ̀ kùtù, ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ. Ọfà kékeré, sókè.
Ọ̀sán pọ́n, a bu oúnjẹ rẹ̀ pamọ́. Sókè.
Oòrùn wọ̀, oúnjẹ tutù. Sókè sí i.
Ta ló kan ilẹ̀kùn? Afẹ́fẹ́ ni. Sókè, lẹ́yìn náà sísàlẹ̀ díẹ̀.
Ta ló kan ilẹ̀kùn? Sókè pátápátá.

"Ègbè ńkọ́?" Láńrewájú bi í.

"'Ó ti dé o' ni wọ́n máa ń gbè."

"Níbo ló ti ń wọlé?"

"Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan."

Ìdùnnú fa ọfà sísàlẹ̀ sí gbogbo ibẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ta ni yóò bẹ̀rù fún ẹni tó ti délé láti ìlà kìíní? Ìwà wa nìyẹn: olórin kò ní tíì mí tán tí a ó ti gbè é, bí ẹni pé dídákẹ́ jẹ́ àrífín.

"Mú ègbè kúrò títí dé ìparí," ni Láńrewájú wí. "Fi 'Afẹ́fẹ́ ni' sílẹ̀. Ìtura èké ni. Òun ni yóò jẹ́ kí ìbéèrè kejì dùn wá jù. Ìyẹn, má dáhùn rẹ̀ kíákíá."

Inú Ìdùnnú dùn débi pé ó ń kọrin nínú ọkọ̀ títí dé Iléṣà, àwọn èrò sì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìdúpẹ́, ó kìlọ̀ fún àwọn elégbè pé kí wọ́n má gbè é títí dé ìparí. Ìbíjọkẹ́, olórí wọn, fi ọwọ́ bo ẹnu. Orin bẹ̀rẹ̀. Níbi oúnjẹ tó tutù, àwọn ìyá ti ń mi orí. Níbi afẹ́fẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ta ló kan ilẹ̀kùn?"

Ìbíjọkẹ́ mú èémí dání. Ìdùnnú dúró, ó tún dúró.

Bàbá rẹ̀ dìde lórí ìjókòó, ó di àga iwájú mú.

"Èmi ni," ló wí. "Mo ti dé." Ó nu ojú. "Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ọmọ mi. Mò ń gbọ́ bí ẹ ti ń pè mí, mi ò lè dáhùn."