Ìrẹsì Aago Méje

Ìwé náà wà lára ògiri ilé ìdáná. Màmá Fájẹ́misìn, tí wọ́n ni ilé oúnjẹ wa ní Alábàtà, ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́:

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ọmọ iléèwé méjì jẹ ìrẹsì wa, wọ́n bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, kò sí ohun tí kò fi ẹnu rẹ̀ sọ sí mi. Mi ò gba irú ẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tí oníbàárà bá jẹ kù sínú àwo, ẹ dà á nù, tẹrantẹran. Oúnjẹ inú kúlà tí kò bá gbóná mọ́, tó sì ti ju wákàtí mẹ́rin lọ tí a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ má gbé e padà sórí iná. Ẹ má fi àlùbọ́sà àti ata tuntun tàn án. Ẹ bu omi ọṣẹ lé e kí ẹnikẹ́ni má baà tún ṣà á. Ẹ máa kọ aago sára kúlà. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ì báà ṣe ọmọ mi, kó máa lọ sílé.”

Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Èmi ni mo kà á fún Ìyá Azeezat, àgbà tó ń dáná fún wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń se ìrẹsì, Ràhámátù. Bébà ló wá fẹ́ máa bá mi gbóòórùn ẹ̀ báyìí?”

Síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ka.

Ní Ọjọ́rú kan, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Aago méje la sọ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kalẹ̀, mo kọ ọ́ sára kúlà, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò jáde. Aago kan kù díẹ̀ ni Màmá wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

“Ọ̀gbẹ́ni Tàófíìkì pè mí. Wọ́n ń ṣèpàdé lọ́fíìsì wọn, ọgbọ̀n àwo ni wọ́n fẹ́, aago méjì. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wa ni wọn á ti máa rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé ìrẹsì yẹn síná.”

Mo ṣí kúlà. Èéfín kankan kò jáde. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Ìyá Azeezat tẹ orí ba, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n sì gbójú kúrò.

“Màmá, ó ti tó wákàtí mẹ́fà,” ni mo wí.

“Mo mọ̀ ọ́n kà. Ẹ dín àlùbọ́sà sí i, ẹ lọ ata tuntun. Iná ò ní jẹ́ kó ṣe wọ́n ní nǹkan kan.”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sì ń sọ̀rọ̀ yìí. Àbí ìwé ló gbà ọ́ síṣẹ́?”

Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí ọmọ kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti kọ́kọ́ bì, mo sì rántí bó ṣe di ògiri mú. Abọ́ omi ọṣẹ tí mo fi ń fọ àwo wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo gbé e, mo dà á sínú kúlà, gbogbo rẹ̀.

Màmá wo inú kúlà.

“Ràhámátù, ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ṣé ò ń bá mi fà á ni?”

“Rárá, mà. Mi ò kàn ní bù ú fún ẹnikẹ́ni ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ bínú. Ìrẹsì tuntun ò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ.”

Màmá yíjú sí Ìyá Azeezat, bí ẹni pé àgbà á bá wọn dá sí i.

“Màmá Fájẹ́misìn,” ni ìyá náà wí, “ó ti ń kan. Bí mo ṣe tẹ orí ba lẹ́ẹ̀kan ni mo ti mọ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ.”

Màmá pe Ọ̀gbẹ́ni Tàófíìkì, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó di aago mẹ́ta. A ń gbọ́ bó ṣe ń kùn títí tó fi gbà. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọn ò wojú mi.

“Sátidé ni kó o kó ẹrù ẹ. Mi ò gba ọmọ tí yóò máa dá mi lóhùn.”

“Ó dáa, mà,” ni mo wí. Mo gbé ìkòkò ńlá, mo bu omi sí i. “Àmọ́ ìrẹsì tòní, wọ́n á jẹ ẹ́, wọn ò sì ní bì.”

Ìyá Azeezat ti jókòó, wọ́n ń bó àlùbọ́sà. Mo ṣáná.