Ọwọ́ Tí Mo Dì Mú Nídìí Oúnjẹ

Àdúrà-ò-tán ni wọ́n ń pè mí ní ilé ìwòsàn wa. Wọn kì í pè é lójú mi, ṣùgbọ́n ògiri létí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, èmi náà ni mo sì máa ń gbàdúrà sí oúnjẹ nígbàkígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá jọ jókòó jẹun. Kò sẹ́ni tó yàn mí. Kí ẹlòmíràn tó nu ṣíbí rẹ̀ tán, mo ti dìde.

Nígbà tí a jẹun ìparí ọdún tó kọjá, mo ní kí gbogbo wa di ọwọ́ ara wa mú, kí a sì dijú. Apòògùn wa ló jókòó lápá ọ̀tún mi. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ kú, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Láti ìgbà ìsìnkú ló ti sọ fún wa pé òun kò gbàdúrà mọ́. Mo gbọ́. Mo kàn rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ ni, yóò sì kọjá. Nígbà tí àdúrà mi dé orí àwọn òṣìṣẹ́, mo fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú tèmi, mo ní, "Olúwa, fún un ní òmíràn tó dára ju èyí tó lọ. Ẹ ṣe Àmín tó rinlẹ̀!" Wọ́n ṣe é. N kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí mo fi pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrẹsì ti tutù kí a tó bù ú.

Láti ọjọ́ náà ni apòògùn ti ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí yàrá oògùn. Mo pè é ní ìgbéraga. Kódà mo sọ ọ́ síta fún àwọn nọ́ọ̀sì kékeré.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà àgbà ní ká se oúnjẹ ìdágbére fún Bàbá Dírẹ́bà, tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn, tó sì ń fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n bójú tó àdúrà oúnjẹ, ó wá fi kún un pé, "Ẹ rántí pé oríṣiríṣi èèyàn ni wá o." Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mùsùlùmí ni Bàbá Dírẹ́bà. Mo ronú padà sí gbogbo Àmín tí mo ti fi tipátipá gbà lẹ́nu rẹ̀ ní orúkọ Jésù, ojú sì tì mí. Mo lọ bá a ní àgbàlá níbi tó ti ń fọ ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ni mo wí. "Èmi àti ẹnu mi."

Ó gbé igbá omi sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lẹ ṣe fún mi, Ìyá Nọ́ọ̀sì?"

Mo ṣàlàyé. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Èmi a máa sọ Bísímílà mi lábẹ́lẹ̀ kí ẹ tó dé ìdajì tiyín. Ó dáa kí ẹ má fi agbára gba Àmín lẹ́nu èèyàn, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀."

"Ta ni?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọkùnrin tó wà nínú yàrá oògùn yẹn. Ẹ ní kí Ọlọ́run fún un ní èyí tó dára ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì, èwo ló dára jù ú lọ?"

Mo dúró síbẹ̀, omi ọṣẹ ń wọ bàtà mi.

"Èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé ọmọ náà wá," ni Bàbá Dírẹ́bà wí. "Bí bàbá rẹ̀ kò bá sí lórí ìjókòó lọ́jọ́ oúnjẹ mi, mi ò ní jẹun."

Kíá ni mo ń wá ọ̀nà àbáyọ, bí ìṣe mi. "Ẹ ò rí i, kí èmi gba tàwọn Kristẹni, kí ẹ̀yin gba tàwọn Mùsùlùmí. Kálukú á rí tirẹ̀."

"Ẹni tí àdúrà kan ń dùn, ẹ fẹ́ fún un ní méjì?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi. "Òun ni kẹ́ ẹ lọ bi. Ẹ má sì bi í lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ náà o."

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá oògùn láìwọlé. Èmi tí mo ń gun èèyàn lábẹ́rẹ́ láìgbọ̀n! Nígbà tí mo wọlé níkẹyìn, ó ń ka oògùn sínú ike, kò sì dúró.

"Ohun tí mo sọ nípa ọmọ yín," ni mo bẹ̀rẹ̀. "Kò yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò ní àwáwí kankan."

Ó kà á tán, ó dé ike náà. "Ẹ di ọwọ́ mi mú," ni ó wí. "Mo fẹ́ jáde, ẹ sì di ọwọ́ mi mú."

Mo rántí bí ọwọ́ náà ṣe ń fà. Mo ti rò lọ́jọ́ náà pé ẹ̀mí ló ń bà lé e.

"Bí ẹ bá fẹ́, kò ní sí àdúrà rárá," ni mo wí.

"Kí àwọn tó ń gbàdúrà wá jẹ ẹ́ báwo? Mi ò ní kẹ́ ẹ má dúpẹ́. Ẹ kàn sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ jẹ́ kó kúrú." Kò sọ bóyá òun á wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, a to àga yí tábìlì gígùn ká. Bàbá Dírẹ́bà jókòó sídìí tábìlì, kò fọwọ́ kan ohunkóhun, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àga kan ṣófo níbi tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ. Èmi ni mo tò ó síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde láìfo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n má tíì ṣí ìkòkò. Ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ tó fẹ́ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, apòògùn wọlé, ó jókòó sí àga náà.

"Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ," ni mo wí. "Lẹ́yìn náà a ó dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbàdúrà, kó gbà á bó ṣe ń gbà á. Ẹni tí kì í gbà á, kó sinmi. Mi ò ní ká dijú, mi ò sì ní béèrè Àmín."

Nọ́ọ̀sì kékeré kan ṣíjú wo aago.

"A dúpẹ́ fún oúnjẹ yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín, tó rù ú, tó sè é. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Dírẹ́bà, tí kì í bínú bí a bá pè é lóru."

A dákẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, mo bá jókòó lé e. Mo gbọ́ Bísímílà Bàbá Dírẹ́bà. Mo gbọ́ àdúrà tèmi náà nínú mi, ó kúrú, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ ṣeun. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bù ú."

Èmi ni mo gbé àwo dé ọ̀dọ̀ apòògùn. Ó wo ìrẹsì náà. "Ọmọ mi fẹ́ràn ìrẹsì gan-an," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Àdúrà ti kún ẹnu mi, Ọlọ́run á báyìí, Ọlọ́run á báyẹn, mo sì gbé e mì. Ìgbà náà ló tó hàn sí mi pé mo gbàdúrà lórí ọmọ yẹn lójú gbogbo èèyàn, n kò sì béèrè ohun kan ṣoṣo nípa rẹ̀ rí.

"Báwo ló ṣe máa ń jẹ ẹ́?" ni mo béèrè.

"Ó máa ń fi ẹran sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn," ni ó wí. "Lẹ́yìn náà á gbé e fún mi."

Bàbá Dírẹ́bà mú ṣíbí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.