Mókà Tí Ìyá Òkìkí Fọ̀

Nígbà tí Òkìkíọlá dé láti Ítálì, gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò wọn ní Pedro ló ń dúró de ẹrù tí kò dé. Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé ni, àwọn alágbádá gorí àlééfà, àwọn tó ti sá lọ sókè òkun sì ń fà bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì gbé mọ́tò dé. Òkìkí gbé ìkòkò kan dé, kékeré báyìí, tí ìbàdí rẹ̀ fún bíi ti ọmọge. Ó ní mókà ni wọ́n ń pè é, kọfí ni wọ́n fi ń sè. Serifat ìyá rẹ̀ wo ìkòkò, ó wo ọmọ, ó ní, "Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i." Kí ni kó tún sọ?

Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ilé kọfí ló ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́hùn-ún. Dókítà Ògúntádé, olùkọ́ ní yunifásítì Akoka tó ń gbé òpópónà wọn, tọ́ kọfí rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ó dijú. Nígbà tó lajú, ó ní igun kan ṣófo nínú ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ Akoka, kí Òkìkí wá se kọfí fún ìgbìmọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Bí ó bá dùn mọ́ wọn, igun náà di tirẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ wọn ńkọ́? Ràmọ́nù àbúrò Òkìkí ní ilé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, ó sì ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá létí pé ẹ̀gbọ́n òun ará Ítálì ń bọ̀ wá bá òun gé pépà. Òkìkí kò tíì gbé ojú sókè wo àbúrò rẹ̀ látìgbà náà.

Wẹ́sìdeè dé. Òkìkí ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń rìn láti yàrá dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé yàrá. Ó ní kóun se ọ̀kan tọ́ wò ná. Ó rọ omi sí ìsàlẹ̀ mókà, kò jẹ́ kó dé ibi fáàfù, ìyẹn ihò kékeré tí ooru ń gbà sá jáde bó bá pọ̀ jù. Ó gbé àrọ oníhò wọ̀ ọ́, ó bu kọfí sínú rẹ̀, ó fi ìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láìkì í mọ́lẹ̀, nítorí kọfí tí a bá kì, omi kò ní rí ọ̀nà gbà. Ó yí òkè mọ́ ìsàlẹ̀ pinpin, ó gbé e ka sítóòfù, ó sì rẹ iná sílẹ̀. Bí omi bá ti ń gbóná, ooru àti afẹ́fẹ́ tó há sínú ìsàlẹ̀ yóò máa tì í, kò sì ní ọ̀nà míì ju inú àrọ lọ. Yóò gun òkè, yóò gba àárín kọfí kọjá, yóò sì máa sun jáde lókè, ó dúdú, ó ń ta sánsán. Bó bá ti ń pariwo hòrò-hòrò, Òkìkí á gbé e kúrò lórí iná, kí kọfí má baà jóná.

Gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Ó tọ́ ọ wò. Irin! Bí ẹni tó lá kọ́bọ̀.

"Omi ni," ló sọ. Omi kànga Bariga tí wọ́n rù wá lánàá, ó máa ń pọ́n nígbà míì. Ó sáré ra omi oníláílọ́ọ̀nù, ó tún un sè. Irin. Ó ní iná ló pọ̀ jù, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kú. Irin. Ó yọ rọ́bà tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ eyín ọmọ wò. Rọ́bà kò ṣe nǹkan kan. Òógùn bò ó, kọfí tó kù nínú ike kò sì pọ̀ mọ́.

Ìgbà náà ló tó wo inú mókà dáadáa. Inú rẹ̀ funfun, ó ń dán gbinrin.

"Mọ́mì!"

Serifat yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. Kí n má parọ́, kò sí ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ń dán bíi tirẹ̀ ní gbogbo Pedro. Bó bá da ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ dé sórí ògiri, èèyàn lè fi ṣe dígí we gèlè. Àwọn ìyàwó ilé ń bẹ̀rù àtibá a pín ìdí ẹ̀rọ omi.

"Ẹ fọ mókà mi?"

"Mo fọ̀ ọ́ lánàá," ló wí, inú rẹ̀ dùn. "Eérú ni mo fi fọ̀ ọ́, mo tún fi kànìnkànìn onírin bó o. Ọmọ tèmi a máa gbé ìkòkò tínú ẹ̀ pọ́n lọ bá àwọn ọ̀mọ̀wé? Èèwọ̀! Ojú á tì mí."

"Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án! Awọ tó bò ó nínú yẹn ló ń dáàbò bo kọfí! Ẹ ti bó o dànù, irin lásán ló kù!"

Ìyá rẹ̀ wá etí ìró rẹ̀, ó fi nu ojú. Òkìkí rí i, inú rẹ̀ bàjẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó lè tọrọ àforíjì.

"Awọ náà," Serifat sọ nígbẹ̀yìn, "báwo ló ṣe ń hù?"

"Kọfí náà ni. A óò máa sè é, a óò máa dà á nù, títí yóò fi tún bò ó. Kọfí tó kù ò sì tó."

"Èérí rẹ̀ tó o dà sínú abọ́ láàárọ̀ yìí ńkọ́? Kò ṣe é sè?"

Òkìkí wo ìyá rẹ̀. Ó ṣe é sè.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èérí kọfí ni wọ́n ń sè, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń fi omi lásán ṣan ìkòkò, láìsí ọṣẹ, láìsí kànìnkànìn. Oòrùn ń gòkè. Ẹnu Òkìkí kú, kò lè mọ̀ mọ́ bóyá irin ṣì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí kò mu kọfí rí láyé rẹ̀, gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ló wí, ó tutọ́. Wọ́n tún un sè. "Ó ti ń dínkù." Wọ́n tún un sè. Nígbà tó yá, ó tọ́ ọ wò, ó dúró, ó tún tọ́ ọ wò. "Ó ti lọ. Kíkorò nìkan ló kù. Wọ̀láhì, ó ti lọ."

"Ó dá yín lójú?"

"Ahọ́n tí mo fi mọ̀ bóyá àgbo rẹ jinná nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́ ni. Gbé e, ká máa lọ."

Ká máa lọ, ló wí. Ó ti we gèlè.

Ní Akoka, Òkìkí bu kọfí tuntun tó kù sínú àrọ. Kò ráyè tọ́ ọ wò, ó kàn ń wo ọrùn àwọn ìgbìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì. Dókítà Ògúntádé dijú. Ẹnìkejì rẹ̀ tún na ife. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Sabina, tó ń bójú tó ilé oúnjẹ náà, ṣí ìdérí mókà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì fa ojú ro.

"Inú ẹ̀ pọ́n. Ta ló ń fọ nǹkan yìí? Ilé wo ló ti ń jáde?"



"Ilé mi ni," Serifat sọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó dìde dúró kí gbogbo wọn lè rí i. "Èmi ìyá rẹ̀ ni mi ò jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Omi lásán ni a fi ń ṣan án. Bí ẹ bá fẹ́ kí kọfí yín dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kànìnkànìn kàn án."

Sabina wò ó láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mu kọfí tirẹ̀ tán, ó ní kí Òkìkí wá gba kọ́kọ́rọ́ igun náà lọ́jọ́ Móńdè.

Òkìkí kò gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, obìnrin tó ń fi ìkòkò rẹ̀ yangàn ní gbogbo Pedro, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró láàárín àwọn àjèjì, tó sì pe ara rẹ̀ ní ọ̀bùn nítorí tirẹ̀. Ó lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Dìde," ìyá rẹ̀ wí. "Aṣọ ẹ á dọ̀tí."