Ẹni Tó Ń Di Àkàbà Mú

Ẹ̀rù òkè máa ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé ẹlòmíì ló máa sọ ọ́ fún yín. Bí mo bá gun àga lásán láti pààrọ̀ gílóòbù, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Èmi yìí náà ni ìyàwó mi ń mú lọ sílé onílé ní gbogbo Sátidé láti bá a fi kọ́tìnnì kọ́. Ó ní kí ló kàn mí pẹ̀lú òkè, ṣebí ìsàlẹ̀ ni màá wà, kí n sáà di àkàbà mú. Mo dì í mú. Mo tún ń gbé irin kọ́tìnnì, mo ń ka ìkọ́, mo ń gbá eruku tó bọ́ lára ògiri, mo sì ń dá àwọn tó bá pè é lórí fóònù lóhùn nígbà tó bá wà lókè. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Sátidé ni mo wá ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ìyàwó mi máa ń lọ wọn fèrèsé oníbàárà, á ra aṣọ, á gé e, á rán an nínú yàrá iwájú ilé wa, á sì padà lọ fi í kọ́. Òun nìkan ló ń dá a ṣe, bí a bá yọ tèmi kúrò. Nígbà yẹn, a máa ń yọ tèmi kúrò dáadáa. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá pè lónìí, oṣù tó ń bọ̀ la máa tó lè lọ wọn fèrèsé rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi wá di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo bá a níbi tó ti ń sùn, tó gbórí lé máṣíìnì ìránṣọ, téèpù lọ́rùn.

Ọjọ́ yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tó já mi láyà.

"Dádì, ọ̀gá mi àtijọ́ tún pè. Wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ kí n padà. Mo ní kí wọ́n fún mi di ìparí ọdún. Tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe ń ṣe yìí náà ni mo ṣì ń ṣe nígbà yẹn, màá ta gbogbo máṣíìnì yìí, màá padà sí ọ́fíìsì."

Ìyàwó mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo sì mọ obìnrin tó máa ń ti ọ́fíìsì yẹn dé. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní jẹun. N kò fẹ́ kí obìnrin yẹn padà wá sílé mi rárá.

"O ò ṣe gba èèyàn?" ni mo bi í.

"Kí n gba èèyàn, kí n wá máa fi kí ni sanwó fún un? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé báwọn ọmọ bá ti wọlé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó ń rántí kọ́tìnnì. Ṣé kí n máa wo ojú èèyàn ní òpin oṣù, kí n ní iṣẹ́ ò sí ni? Ẹ má kó mi sí gbèsè. Owó ni màá fi kún. Àwọn kan á sá, ara á sì tù mí."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àfi pé ojú ń tì í láti fi kún owó àwọn oníbàárà àtijọ́, àwọn tó gbà á nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ló bá ní àwọn tuntun nìkan ló máa san iye tuntun. Mo ní ó dáa. Àwa méjèèjì la jọ gọ̀.

Oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni obìnrin kan tí à ń pè ní Aúntí Onígíláàsì, nítorí pé gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi bí abọ́. Ilé Aúntí Onígíláàsì kò ju yàrá méjì àti pálọ̀ lọ. Lójijì, obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ní fèrèsé. Ó ní fèrèsé lẹ́yìn ilé epo, ó ní lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ilé ìwé, ó tún ní òmíràn tí a wọ mọ́tò méjì ká tó débẹ̀. Níbi tá a dé gbẹ̀yìn yìí, ọkùnrin kan tí a kò rí rí ló ṣílẹ̀kùn fún wa pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Aúntí ní kí n sọ pé ilé àwọn ni." Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi gbàgbé pé àkàbà wà lọ́wọ́ mi. Inú ìyàwó mi kò dùn sí ẹ̀rín yẹn. Gbogbo àwọn oníbàárà àtijọ́ ló ti ń fi orúkọ ara wọn gba ọjọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n lè san iye àtijọ́. Owó kò lé, iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i.

Ó bínú, ó yí ọwọ́ padà. Ó ní ilé mélòó kan pére ni òun máa gbà lóṣù, tó bá ti pé, ó parí. Ìyẹn náà kò gbè wá. Ọwọ́ àwọn tó ń kun ilé ni iṣẹ́ kọ́tìnnì wà. Ọ̀dà tí wọ́n ní ó máa gbẹ lọ́jọ́rú, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé tó ti gba ọjọ́ á sún síwájú, àwọn tó ṣe tán sì ti bá ẹlòmíì lọ nítorí a ti dá wọn padà. Ìyàwó mi á káwọ́ gbera nínú ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ilé á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó dín kù, àárẹ̀ kò dín kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tó ń wo máṣíìnì bíi pé ó ń dágbére fún un. Ọkàn mi bàjẹ́, n kò lè parọ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé, tí ọ̀gá wa ní gbogbo wa á máa wá ní Sátidé fún oṣù kan. N kò ní sọ pé mo sunkún.

Sátidé tí mo máa ń di àkàbà mú, ilé mẹ́ta là ń parí. Sátidé tí n kò sí ńbẹ̀, ìyàwó mi parí ẹyọ kan, ó sì bẹ àwọn tó kù. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹyọ kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Iṣẹ́ àgbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣe, ó sì ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà tán, ó wá kọjú sí mi.

"Ọkọ wa, eélòó ni wọ́n ń san fún yín?"

"Ta ló ń san kí ni?"

"Mo gbọ́." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ tó o ń bẹ̀rù àtigba èèyàn, o ti gba èèyàn tipẹ́. O kàn ò sanwó fún un ni. Gbogbo iye tó ò ń pè fáwọn èèyàn látọjọ́ yìí, iye ẹni tó rí ọkọ lò lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

Ìyàwó mi yíjú wò mí bíi pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí mi.

"Má tíì gba ẹnikẹ́ni o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Tí o bá gbà á nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, wàá kábàámọ̀. Kọ́kọ́ fi owó ẹni náà sórí iṣẹ́. Àti tuntun àti àtijọ́, kí gbogbo wọn san án. Kó àlékún yẹn pa mọ́, má fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá sá, o ti rí ìsinmi tó ò ń wá. Tí wọn ò bá sá, tí iṣẹ́ ò sì tán lọ́wọ́ ẹ nígbà táwọn ọmọ bá wọlé ẹ̀kọ́, owó èèyàn ẹ wà nílẹ̀ nìyẹn, kó o tó wá èèyàn rárá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi pe Aúntí Onígíláàsì. Mo jókòó tì í.

"Ẹ kú ilé mà. Owó wa ti yí padà o, mà. Ó kan ẹ̀yin náà."

Aúntí béèrè pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá mà. Mo fẹ́ gba ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́ ni."

"Kó o ti sọ bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ wo lo wá ń bọ̀ wá wo fèrèsé mi?"

"Èwo nínú ẹ̀, mà?"

Aúntí Onígíláàsì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Àwọn kan sá lóòótọ́, ọ̀kan tilẹ̀ bú wa kó tó lọ. Àwọn tó dúró pọ̀ ju àwọn tó lọ. Àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rọlẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí èèyàn méjì kò ní rí iṣẹ́ ọjọ́ méjì ṣe. Àlékún tí ìyàwó mi kó pa mọ́ ti tó láti san owó èèyàn fún oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ bá tiẹ̀ gbẹ pátápátá. Kò sí àwáwí mọ́.

Ẹni tó gbà jẹ́ obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí kọ́tìnnì ní òtẹ́ẹ̀lì, tó ń tú wọn, tó ń fọ̀ wọ́n, tó ń dá wọn padà sókè. Gàgàrà ni mo sọ ọ́ nínú ilé, nítorí ó ga jù mí lọ fíìfíì. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n jọ ṣàdéhùn, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìyàwó mi ń fi ohun gbogbo hàn án. Bí Gàgàrà bá sì fi kọ́tìnnì kọ́ tán, ìyàwó mi á gun òkè lọ, á tú u, á tún fi í kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Gàgàrà fara dà á títí, ó wá fẹ̀sọ̀ sọ ọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá máa wà lókè níbí pẹ̀lú mi, ta ló wá ń ránṣọ nílé?"

Ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó fi iṣẹ́ fífi kọ́tìnnì kọ́ sílẹ̀ fún Gàgàrà, ó jókòó ti gígé àti rírán tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún ra àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń dá dúró fúnra rẹ̀, tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni dì í mú. Mo bi ìyàwó mi pé kí ló dé tí a kò ti ra irú èyí látọjọ́ yìí. Ó wò mí, ó ní àkàbà náà wọ́n, èmi sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà mo lọ sùn. Ọ̀sán Sátidé ni o.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pè. A ń jẹun lọ́wọ́. Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀, nítorí pé mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́.

"Ẹ ṣeun púpọ̀, sà," ni ìyàwó mi sọ. "Mi ò ní lè wá mọ́. Ẹnì kan wà tí mò ń san owó oṣù fún."

Ọ̀rọ̀ kan náà tó fi ń dẹ́rù ba ara rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún nìyẹn. Ó sọ ọ́ báyìí bí ẹni ń sọ pé òun bímọ.