Ohùn Méjì fún Ìtàn Màmá

Ní gbogbo ìgbà tí àìsàn ìgbàgbé fi bá ìyá wọn jà, ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló ń sáré jáde sí títì bí ìyá bá ti ṣílẹ̀kùn pé òun ń lọ sílé òun, ilé tí wọ́n ti wó tipẹ́. Àbúrò ń gbé ìlú mìíràn, ó ń ta aṣọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń pè lórí fóònù. Bí ìyá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí, á ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, màá tún pè." Ìgbà tó bá tún máa pè, oṣù á ti lé.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ni kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú fídíò ẹ̀kọ́ ìlera. Sítúdíò tó ń bá ṣiṣẹ́ wà lókè ilé ìtajà bàtà kan, wọ́n fi fóòmù tó nípọn bo ògiri rẹ̀ kí ariwo mọ́tò má baà wọlé. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá, olùdarí sítúdíò ní kó kọ ọ̀kan lórí bí a ṣe ń tọ́jú òbí tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbàgbé nǹkan. Ó kọ ọ́ ní ohùn ẹnì kan, ohùn ara rẹ̀, ó sì kà á sínú ẹ̀rọ. Ibì kan níbẹ̀ lọ báyìí: "Mo máa ń bá ìyá mi jiyàn. Tó bá ní bàbá mi ń bọ̀, màá ní bàbá ti kú. Kò yé mi pé gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni ikú náà ń di tuntun létí rẹ̀."

Olùdarí gbọ́ ọ dópin.

"Ó dára, mà," ó ní. "Àmọ́ ohùn kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, àwọn èèyàn á ti sùn ká tó dórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìfọ̀rọ̀wérọ̀, atọ́kùn ètò méjì lórí àga. Ẹ̀yin àti àbúrò yín. Mo ti rí i níbi tó ti ń polówó aṣọ. Kámẹ́rà fẹ́ràn ojú ẹ̀."

Àbúrò ò jẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ṣe, ńṣe ló kàn gé ìtàn náà sí wẹ́wẹ́, gbólóhùn kan fún tọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Nígbà tí wọ́n kà á, wọ́n dà bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka àkọ́sórí níwájú tíṣà.

"Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n," olùdarí sọ. "Kí ni wọ́n tún wá ń sọ fún ara wọn? Ẹnì kan ló yẹ kó mọ̀. Kí èkejì máa béèrè ohun tí ẹni tó ń wò nílé fẹ́ béèrè. Kó má gbà kíá. Kí wọ́n máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn."

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó padà sílé, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan síta, èyí tí ẹnu rẹ̀ bá kọsẹ̀ níbẹ̀, á fà á ya. Níbi tó ti kọ pé ó yẹ kí olùtọ́jú ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó yí i padà báyìí:

"Ẹ kàn ń da omi lé wọn lórí ni?"

"Rárá o. Màá kọ́kọ́ ta á sí wọn lọ́wọ́. Màá ní, 'Màmá, omi rèé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.' Tí wọ́n bá ti mi orí..."

"Tí wọn ò bá mi orí ńkọ́?"

"Àá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn."

Ara rẹ̀ ló fún ní ìmọ̀, ó fún àbúrò ní ìbéèrè. Ìbéèrè náà ò ṣòro láti kọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń dúró kí àbúrò bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ọ̀kan bọ àárín tí kò sí nínú ìtàn àkọ́kọ́: "Ṣé wọ́n máa ń béèrè mi?"

Nígbà tí wọ́n kà á ní sítúdíò, àbúrò dé ibẹ̀, ó kà á já geerege. Ó wá gbójú sókè wo olùdarí.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí?"

Ẹ̀gbọ́n ni olùdarí yíjú sí.

"Ẹ má bínú, mà. Ohùn yín wúwo. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni tí òkú ṣì wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Kí àbúrò yín jẹ́ ẹni tó mọ̀, kí ẹ̀yin máa béèrè. Ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ ò yí padà. Kí wọ́n má sì máa fi 'ẹ' bá yín sọ̀rọ̀ lórí ètò, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń ṣe bí ọ̀rẹ́ là ń fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò, bóyá á kọ̀. Yẹtí rẹ̀ ni àbúrò ń tún ṣe.

"Kò burú," àbúrò ní. "Ohun tó bá ti máa jẹ́ kó dùn."

Ẹ̀gbọ́n ì bá kọ̀. Àmọ́ ó rò ó pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn lọ́wọ́, tí fídíò yìí lè ràn lọ́wọ́. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sílé. Gbogbo "mo" tó jẹ́ tirẹ̀, ó fi wọ́n sẹ́nu àbúrò. Láti kékeré ló ti mọ bí àbúrò ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń fi "àbí kẹ̀" parí gbólóhùn, bó ṣe ń dúró díẹ̀ kó tó sọ ibi tó dùn. Ó fi gbogbo rẹ̀ sí i. Nígbà tó kà á tán, bí ẹni pé àbúrò gan-an ló wẹ ìyá wọn. Iṣẹ́ náà mọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò náà, àbúrò ò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó sunkún níbi tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n ń sọ, "Ó mà ṣe o," àti "O wá ṣe é báwo?" Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìtàn ti sọ bí ìyá ṣe ṣubú, ẹ̀gbọ́n fi ohun tó wà nínú ìwé sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí màmá ṣubú ní balùwẹ̀, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ, níbo lo wà?"

Olùdarí ò ní kí wọ́n dúró. Ojú àbúrò yí díẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ ẹ̀gún. Ó wá na ọwọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú.

"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn," ó ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Mi ò fi wọ́n sílẹ̀ rí."

"Ìyẹn gan-an," olùdarí sọ nígbà tí kámẹ́rà kú. "Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. A ò ní yọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n bá àbúrò lórí àtẹ̀gùn.

"Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ wá ń bi mí níbo ni mo wà. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

Ẹ̀gbọ́n ká ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Fídíò náà lọ káàkiri. Àwọn tí wọn ò mọ ọ̀kankan nínú wọn ń ṣàdúrà fún àbúrò, pé ọmọ á tọ́jú òun náà. Obìnrin kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Èyí tó ń béèrè yẹn, ṣé kì í ṣe ìyá tiẹ̀ náà ni? Kí ló ń ṣe nígbà tí àbúrò ẹ̀ ń jìyà?" Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbè é lẹ́sẹ̀.

Àbúrò fi ohùn ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ apá kejì. "Ẹ bá mi rántí àwọn nǹkan mìíràn tí màmá máa ń ṣe, èyí tí ẹ ò tíì sọ. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ púpọ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán. Ó rántí àárọ̀ kan tí ìyá fara balẹ̀ wò ó tó ní, "Mi ò mọ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ rọ̀." Ó dá àbúrò lóhùn pé òun ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ tó kàn tí olùdarí gbé fún un dá lórí bí a ṣe ń fọ eyín ọmọdé. Ó ní kó jẹ́ ohùn méjì.