Aago Tó Ń Tẹ̀lé Ọkọ̀ Òkun

Oṣù keje rèé tí ìyá aránṣọ ti ń fi aago ẹlòmíràn gbé ayé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń la òkun kọjá, bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń lọ ni wọ́n ń yí aago inú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti wí lórí áàpù tí wọ́n fi ń pera wọn pé, "Màámi, wọ́n tún ti sún aago síwájú ní wákàtí kan," kíá ni ìyá yóò sún ti fóònù rẹ̀ náà. Oníbàárà kan bi í ní aago lọ́sàn-án gangan, ó ní alẹ́ ti lẹ́. Obìnrin yẹn rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, àárò ọmọ kì í ṣe wèrè. Bí ó bá ti mọ ìgbà tí ọmọ ń sùn àti ìgbà tó ń jí, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan, ọ̀rọ̀ wá lọ́jú pọ̀. Ọmọ ti sọ fún un pé ọkọ̀ àwọn fẹ́ kọjá ibì kan lórí òkun tí ọjọ́ ti ń yí padà, pé Ọjọ́rú méjì ni àwọn yóò lò tẹ̀lé ara wọn. Ó ní bó bá di aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́rú kejì, wọn yóò pa íńtánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ láti tún un ṣe, kò sì ní sí ìpè mọ́ fún ọjọ́ méjìdínlógún, títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Òun yóò pe ìyá òun ní aago mẹ́rin, kí wọ́n tó pa á.

Nígbà tí fóònù ìyá wọ Ọjọ́bọ̀, ó ní irọ́ ni, ó dá a padà sí Ọjọ́rú. Ìka tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò yọ̀ lórí gíláàsì, ọdún sì yí sẹ́yìn pẹ̀lú ọjọ́. Kò rí i. Ohun tó rí ni pé áàpù kọ̀, kò ṣí mọ́. Ó pa fóònù, ó tún un tàn. Ó ra détà. Pàbó. Aládùúgbò kan ní kó yọ áàpù náà kúrò kó tún un fi sí i. Ó ní ohùn ọmọ òun wà nínú rẹ̀, òun ò jẹ́ dán an wò.

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bí ìyá aránṣọ ṣe sáré dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe nìyẹn, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Dókítà, gbà mí. Ọmọ mi fẹ́ pè báyìí báyìí."

Dókítà gba fóònù, ó ka ohun tí áàpù kọ síbẹ̀: "Déètì fóònù yín kò tọ̀nà. Ẹ tún un ṣe." Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló gbé yín padà sí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?"

"Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ dá padà!"

"Ọdún bá a lọ ni. Ẹ wò ó, kí áàpù yìí tó bá kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìpè sọ̀rọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Fóònù yín wo ìwé, ó wo déètì tirẹ̀, ó ní ẹni tí wọn ò tíì bí, báwo ló ṣe wá ń kanlẹ̀kùn? Kò ní ṣí. Kò fẹ́ kí olè wọlé tọ̀ yín ni. Ẹ jẹ́ kí n yí i sí kó máa gba aago fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Aago ibo ni yóò gbà?"

"Ti ibí, Màmá."

"Ti ọmọ mi ńkọ́?"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Mo lè fi aago ọmọ yín sí abẹ́ ti yín, kí méjèèjì jọ máa rìn. Ṣùgbọ́n tòkè gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́."

Ó dun ìyá. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n ní kó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn kó lè máa rìn fúnra rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Dókítà.

Aago fò, ọdún fò, áàpù sì ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ìpè wọlé.

"Màámi! Ẹ ṣé tí ẹ gbé e. Aago mélòó lọ́dọ̀ yín?"

Gbogbo ìgbà ni ọmọ ń béèrè, gbogbo ìgbà ni ìyá sì ń fi ìgbéraga sọ aago inú ọkọ̀ fún un. Lónìí, ojú rẹ̀ bọ́ sórí fóònù. "Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́."

Ọmọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Aago márùn-ún. Oòrùn ti dé ara máṣíìnì nìyẹn. Ẹ ti fẹ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Oṣù méje ni mo ti ń bi yín, aago mi lẹ ń sọ fún mi. Mo mọ tèmi, Màámi. Tilé ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìyá fa àga Dókítà sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí fún un: àwọn ọmọ iléèwé tó ń lọ sílé, ọkùnrin tó ń ká aṣọ lórí okùn, ajá tó sùn sí àárín ọ̀nà tí mọ́tò ń yà fún. Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ń gbọ́, títí wọ́n fi pa íńtánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.