Àwọn Tí Mo Yọ Kúrò

Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi wáṣẹ́ lórí LinkedIn láti yàrá mi ní Oregbeni, ní Benin. Iṣẹ́ láàbù ni mo kọ́, àyẹ̀wò epo pupa gan-an ló mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn awáṣẹ́ ni mo wọ̀, háṣítáàgì mi kò sì ju #jobseeker lọ. Bí mo bá kọ nǹkan, ọgọ́rùn-ún èèyàn á ṣe Àmín, gbogbo wọn ló ń wáṣẹ́ bíi tèmi. Gbéminíyì tó ń gbé Àkúrẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ ṣe é. A ò rí ara wa rí.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, Dókítà Títíloyè tó kọ́ mi ní yunifásítì gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí.

"Motọ́lání, ta ló lè gbà ẹ́ síṣẹ́ nínú àwọn wọ̀nyí?"

"Kò sí, sà."

"Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ohun tó o bá ń tẹ̀ ni wọ́n á máa gbé wá fún ẹ. Follow àwọn tó ni mill epo, wọ group wọn, kó o máa dá sí ọ̀rọ̀ wọn."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tó kí n kàn má tẹ̀lé àwọn awáṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Mo yọ wọ́n kúrò pátápátá, débi pé wọn ò lè fi message ránṣẹ́ sí mi mọ́, bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, Gbéminíyì náà sì wà níbẹ̀. Kò dùn mí. Kò sí ohun tó ń dùn mí nígbà yẹn.

Mo wọ ẹgbẹ́ àwọn elépo, mo tẹ̀lé àwọn máníjà, mò ń fi #palmoil sí ìdí ọ̀rọ̀ mi. Láàárín oṣù kan, epo àti ẹ̀rọ ìfúnpo nìkan ni mò ń rí. Ọ̀gbẹ́ni Èyímofẹ́, tó ni ilé iṣẹ́ epo lẹ́yìn Aduwawa, bèèrè nínú ẹgbẹ́ náà ìdí tí epo òun fi ń kan. Mo ṣàlàyé pé ẹyìn tó bá fara pa, tó sì sùn kí wọ́n tó sè é, epo rẹ̀ á kan. Ó pè mí, ó dán mi wò, ó sì gbà mí síṣẹ́.

Mo ka lẹ́tà náà, mo sì ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo kéde rẹ̀, àwọn máníjà kọ "Congrats" sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe Àmín. Mo bá wá ojúewé Gbéminíyì lọ kí n lè sọ fún un. Ohun tó kọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ló wà lókè:

"Ẹ bá mi wá Motọ́lání tó wà ní Benin. Mi ò rí message fi ránṣẹ́ sí i mọ́, mi ò mọ ohun tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà pé kó wà láàyè."

Àmín mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ka gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì tí mo fi lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tún gbà mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí màá sọ pé ó ṣe mí.